Ilé Àwòṣífìlà: Ọ̀nà Tí Ẹrù Ń Gbà Sọ̀kalẹ̀ àti Ọ̀nà Tí Ènìyàn Ń Gbà Gòkè

Àwọn tó kọ́kọ́ pe ilé gíga ní àwòṣífìlà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá dúró sí ìdí irú ilé bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ rí ṣóńṣó rẹ̀, yóò gbé ojú sókè títí fìlà yóò fi ṣí kúrò lórí rẹ̀. Ní Marínà, ní Erékùṣù Èkó, fìlà lè ṣí. Ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn, níwájú Ilé Kòkó, fìlà lè ṣí. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fìlà wà ní ipò rẹ̀. Láti Ìgàndò dé Ìkòtún, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà, bí ènìyàn bá ka àjà ilé láti ìsàlẹ̀, kì í sábà kọjá mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó kan òrùlé. Èrò ń pọ̀, ilẹ̀ ń wọ́n, síbẹ̀ ilé kò ga.

Kì í ṣe Alímọ̀ṣọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Títí di nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ibi àjà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ilé tí ènìyàn ń gbé tàbí tí wọ́n ti ń ṣòwò máa ń dúró sí, kódà ní àwọn ìlú ńláńlá òkè òkun. Ohun méjì ló dá wọn dúró. Àkọ́kọ́ ni ẹrù: gbogbo ohun tó wà lókè gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà dé inú ilẹ̀ láìfọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀. Èkejì ni ẹsẹ̀ ènìyàn: ẹni tí yóò gbé òkè gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà débẹ̀ láìkú sójú ọ̀nà. Egungun irin ló yanjú ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ agbéniròkè tí kì í já bọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní lífítì, ló yanjú èkejì. Ẹni tó bá lóye bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò lóye ìdí tí ilé kan fi ga láìmì, àti ìdí tí òmíràn tí kò tilẹ̀ ga púpọ̀ fi wó pa ènìyàn.

Ilé ayé àtijọ́, yálà ti amọ̀, ti òkúta tàbí ti bíríkì, ògiri ló ń gbé e. Ògiri àjà òkè gbé òrùlé. Ògiri àjà tó tẹ̀ lé e gbé òrùlé pẹ̀lú ògiri àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, títí ògiri ìsàlẹ̀ yóò fi gbé gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé bá ṣe ń ga sí i ni ògiri ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa nípọn sí i. Fèrèsé náà gbọ́dọ̀ kéré, nítorí pé ihò tí wọ́n bá lù sára ògiri jẹ́ ibi tí ẹrù kò ti lè gbà kọjá. Ìlú Ṣikágò ní Amẹ́ríkà ni ènìyàn ti lè rí òpin ọ̀nà yìí títí dòní. Ilé Monádínọ́ọ̀kì, tí wọ́n parí apá àríwá rẹ̀ ní ọdún 1891, ní àjà 16, ògiri bíríkì ló sì gbé e. Nísàlẹ̀ pátápátá, ògiri náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ènìyàn gíga lè nà gbalaja sínú rẹ̀ láti ojú kan dé ojú kejì. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yẹ kó wà, tí owó ilé ti máa ń wọ́n jù lọ, ògiri ló gbà á. Bí wọ́n bá tún fi àjà mẹ́wàá lé e, ìsàlẹ̀ ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ògiri lásán.

Ọ̀nà mìíràn ti yọjú ní ìlú kan náà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ọdún 1885, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Wílíámù Lẹ Bárọ́ọ̀nù Jẹ́nì parí ilé alájà mẹ́wàá kan fún iléeṣẹ́ adójútòfò kan. Dípò kí ògiri gbé ilé, ó to òpó irin sókè, ó sì fi ìtí irin so wọ́n pọ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣe àgò. Orí ìtí ni ilẹ̀ àjà jókòó sí, ìtí gbé ẹrù rẹ̀ fún òpó, òpó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú ìpìlẹ̀. Ní apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilé náà, ògiri kò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kó dá òjò àti òtútù dúró lọ. Ó di aṣọ tí ilé wọ̀, egungun sì wà lábẹ́ aṣọ. Ilé náà kò ní egungun látòkè délẹ̀, torí pé bíríkì ṣì ràn án lọ́wọ́ ní àwọn ibì kan, wọ́n sì wó o ní ọdún 1931. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni àwọn tó tẹ̀ lé e gbà.

Ìdí tí irin Jẹ́nì fi ṣe pàtàkì wà nínú irú irin tó jẹ́. Irin tí wọ́n dà sínú àpótí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, lágbára bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ṣe ni yóò kán lójijì láìkìlọ̀. Òpó ń fara da títẹ̀mọ́lẹ̀. Ìtí ni ẹrù ń fẹ́ tẹ̀ kọdọrọ. Bí ènìyàn bá dúró sí àárín pákó tí wọ́n gbé orí òkúta méjì, òkè pákó náà ń fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà. Sítíìlì, irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì yọ ìdọ̀tí àti èyí tó pọ̀ jù nínú èédú inú rẹ̀ kúrò, lè fún, ó sì lè nà, láìkán. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, ó máa ń tẹ̀ kó tó já. Ó ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú. Láti ọdún 1856 tí Hẹ́ńrì Bẹ́sẹ́mà fi ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ la inú irin yíyọ́ kọjá hàn, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, títí ó fi ṣeé fi kọ́ ilé. Nínú ilé Jẹ́nì gan-an, díẹ̀ lára ìtí àwọn àjà òkè jẹ́ sítíìlì. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, gbogbo egungun ilé gíga di sítíìlì.

Nígbà tí ọ̀nà yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, ó pa ẹ̀wù dà. Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní ọdún 1965 láti inú owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ní àjà 26, ó sì ga ní mítà 105. Kì í ṣe òpó irin gbọọrọ ló gbé e. Kọnkéré ni, pẹ̀lú ọ̀pá irin nínú. Kọnkéré dà bí irin dídà tí a ti sọ: ó lágbára bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì lè nà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá sítíìlì, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní róòdù, sí ibi tí ìtí yóò ti fẹ́ nà, kí kọnkéré máa fara da fífún, kí irin máa fara da nínà. Sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wà nítòsí. Ìtí sítíìlì ńláńlá gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá. Ìdí nìyẹn tí ilé gíga ilẹ̀ wa fi jẹ́ kọnkéré onírin. Sítíìlì ṣì ni egungun náà. A kàn bò ó mọ́ inú kọnkéré ni.

Bíbò náà kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Iná kì í jó irin, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ ọ́. Bí ìgbóná bá tó ìwọ̀n 550 tàbí 600 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, sítíìlì ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀, iná inú ọ́fíìsì lásán sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1985, iná jó Ilé Kòkó. Ohun inú rẹ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ dúró, nítorí pé kọnkéré tó bo irin kò jẹ́ kí ìgbóná tètè dé ọ̀dọ̀ irin. Wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1992. Ilé tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ilé alájà 32 tó wà ní Marínà, tí wọ́n parí ní 1979 fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, tí gíga rẹ̀ tó mítà 160, òun náà ti rí iná, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Ẹrù ti rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Ènìyàn ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbé garawa omi méjì gun àjà kẹrin ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí omi kò dé òkè mọ ìdáhùn. Bí àtẹ̀gùn bá ti kọjá mẹ́rin tàbí márùn-ún, ayálégbé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún ẹ̀dínwó. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Páríìsì àti Niú Yọ́ọ̀kì láyé ọjọ́un: olówó ń gbé nísàlẹ̀, tálákà ń gbé lábẹ́ òrùlé. Kò sí onílé tí yóò ná owó kọ́ àjà kẹwàá tí ẹnikẹ́ni kò ní gùn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rọ tó ń fa ẹrù sókè. Ó ti wà tipẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí àti ní ibi ìwakùsà: pẹpẹ kan, okùn kan, ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Ìṣòro rẹ̀ ni okùn náà. Okùn máa ń gbó, ó máa ń fọ́n, ọjọ́ tó bá sì já, pẹpẹ àti ohun orí rẹ̀ yóò já bọ́ pọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì lè fara mọ́ ewu yẹn. Ọlọ́mọ kò lè fara mọ́ ọn. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe bí okùn yóò ṣe lágbára tó. Ìbéèrè náà ni: bí okùn bá já, kí ni yóò di ènìyàn mú?

Oníṣẹ́ ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Ẹláíṣà Ótíìsì, dáhùn rẹ̀ láàárín ọdún 1852 sí 1854. Ó mú sípíríǹgì títẹ̀, irú èyí tó ń bẹ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó fi í sí orí pẹpẹ. Ó so okùn tó ń fa pẹpẹ mọ́ àárín sípíríǹgì náà, kì í ṣe mọ́ pẹpẹ tààrà. Níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ń fà, ìwúwo pẹpẹ ni yóò mú kí sípíríǹgì tẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì yóò sì kúrò lára òpó ìtọ́nà tó wà lọ́tùn-ún lósì. Lára àwọn òpó yìí ni Ótíìsì gbẹ́ eyín sí bíi ti ayùn. Ọjọ́ tí okùn bá já, kò sí ohun tó ń fa sípíríǹgì mọ́. Yóò nà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ yóò wọ inú eyín, pẹpẹ yóò sì há. Ẹwà ọgbọ́n yìí ni pé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Jíjá okùn gan-an ni ó ń mú ìdè náà ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1854, níbi àfihàn ńlá kan ní Niú Yọ́ọ̀kì, Ótíìsì dúró sórí pẹpẹ náà lókè, lójú ogunlọ́gọ̀ èrò, ó sì ní kí wọ́n gé okùn. Wọ́n gé e. Pẹpẹ mì díẹ̀, ó dúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1857, ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà fún èrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtajà alájà márùn-ún kan ní òpópónà Bọ́rọ́dùwéè. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá: nǹkan bí mítà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó fi di 1870, ilé ọ́fíìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò wá ṣẹlẹ̀: owó ilé yí padà. Àjà òkè, tí ariwo àti eruku kò dé, tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ kún, di èyí tó wọ́n jù. Ibẹ̀ ni egungun irin ti rí ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Ẹ̀rọ òde òní ti yàtọ̀ sí ti Ótíìsì, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò yí. Okùn onírin bíi mẹ́rin sí mẹ́jọ ló ń gbé àpótí èrò, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì lè dá a gbé. Lódìkejì okùn náà ni wọ́n so ẹrù ìdọ́gba mọ́, tí ìwúwo rẹ̀ tó ti àpótí pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì èrò tó lè gbà, kí mọ́tò má baà ṣe wàhálà jù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn wà tí kò gbé nǹkan kan. Ó ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan lókè bí àpótí ṣe ń lọ. Bí àpótí bá sáré ju bó ṣe yẹ lọ, yálà okùn já tàbí kò já, kẹ̀kẹ́ náà yóò yí débi pé àwọn apá kékeré inú rẹ̀ yóò ṣí síta, wọn yóò há okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà mú, okùn náà yóò sì fa ẹ̀já irin lábẹ́ àpótí. Ẹ̀já yìí ni yóò fún irin ìtọ́nà pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àpótí yóò fi dúró, nítorí pé bí ó bá dúró lójijì bíi ti eyín Ótíìsì nígbà tó ń sáré, èrò inú rẹ̀ yóò fara pa.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà yẹ ní sísọ, nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ ará Èkó. Bí iná bá lọ, lífítì kì í já bọ́. Bíréèkì mọ́tò rẹ̀ ni sípíríǹgì ń tì pa ní gbogbo ìgbà. Iná ni ó ń ṣí i. Iná tó bá lọ ti dá bíréèkì padà sí ipò rẹ̀, àpótí yóò sì dúró síbi tó bá wà. Ẹni inú rẹ̀ yóò làágùn, yóò pe olùtọ́jú ilé, ṣùgbọ́n kò ní já bọ́. Inú àpótí ló yẹ kó dúró sí títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Ẹni tó bá fi agbára ṣí ilẹ̀kùn láti fò jáde wà nínú ewu ju ẹni tó jókòó lọ.

Egungun tí Jẹ́nì gbé kalẹ̀ ti dé Alímọ̀ṣọ́ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fìlà kì í ṣí níbẹ̀. Gbogbo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun ní Ìkòtún àti Ìgàndò ni òpó kọnkéré ń gbé. Búlọ́ọ̀kù àárín wọn jẹ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé ènìyàn lè fi ojú rí aṣọ, kò sì lè fi ojú rí bí egungun ṣe tó. Lórí ọ̀pọ̀ òrùlé pẹrẹsẹ ládùúgbò, róòdù yọrí sókè látinú òpó, ó ń dúró de ọjọ́ tí owó yóò dé láti fi àjà kan kún un. Àwọn róòdù náà dà bí ìlérí. Ṣùgbọ́n róòdù tó yọrí lókè kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà ní ìpìlẹ̀.

Kí á gbà pé onílé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ilé tí òpó rẹ̀ jìnnà síra ní mítà mẹ́rin-mẹ́rin. Òpó àárín kan ń gbé ojú ilẹ̀ mítà mẹ́rin ní mẹ́rin, ìyẹn 16, ní àjà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá da kọnkéré ilẹ̀ àjà, ògiri búlọ́ọ̀kù, ènìyàn àti ẹrù wọn pọ̀, kò ní jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kan ní mítà kan. Ilẹ̀ kọnkéré kan, tọ́ọ̀nù 16 nìyẹn lórí òpó kan. Méjì, 32. Mẹ́rin, 64. Òpó tó wọ́pọ̀ ládùúgbò fẹ̀ ní ínṣì mẹ́sàn-án ní mẹ́sàn-án, kì í ṣe nítorí pé ẹnjiníà ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé bí búlọ́ọ̀kù ṣe fẹ̀ nìyẹn, òpó yóò sì lè fara pamọ́ sínú ògiri. Irú òpó yìí, pẹ̀lú róòdù mẹ́rin tó nípọn mìlímítà 16 àti kọnkéré tí wọ́n pò dáadáa, lè gbé ilẹ̀ kọnkéré méjì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bó bá di mẹ́rin, ó ti jẹ gbogbo àlà ààbò tí òfin ìṣirò fi sílẹ̀ fún un tán. Bí bíríkìlà bá wá bu omi púpọ̀ sí kọnkéré kó lè rọrùn láti dà, tàbí tó fi róòdù mìlímítà 12 rọ́pò 16, kò sí àlà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkòtún mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2014, ilé àlejò alájà púpọ̀ kan tó jẹ́ ti ìjọ Sínágọ́gù ní Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ wó. Ènìyàn 116 ló kú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ àlejò láti Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà náà. Ìjọ náà tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú kan tó fò kọjá lórí ilé. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ìjọba yàn láti wádìí ikú wọn sọ nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ ọdún 2015 pé egungun ilé náà ló kùnà, nítorí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to irin rẹ̀, àti pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí ó ṣe wó gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé onígun egungun: ilé ògiri máa ń wó ní apá kan, ṣùgbọ́n bí òpó kan bá kùnà nínú ilé alágọ̀ọ́, ẹrù rẹ̀ á sá lọ bá àwọn òpó tó yí i ká. Bí àwọn náà kò bá ní àlà, wọn yóò kùnà tẹ̀ lé e, àjà yóò sì tò lé àjà bí àwo.

Egungun máa ń sọ̀rọ̀ kó tó kán, bí ènìyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Sísán tẹ́ẹ́rẹ́ lára ìpara ògiri kì í sábà jẹ́ ewu. Sísán tó lọ lóròó lójú òpó, tí àwọ̀ ìpẹtà sì ń ṣàn látinú rẹ̀, ń sọ pé róòdù inú ti ń dípẹtà. Ìpẹtà máa ń wú, ó sì ń ti kọnkéré kúrò lára irin. Sísán tó dábùú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lára ìtí, nítòsí ibi tó ti pàdé òpó, le ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé irú ìkùnà bẹ́ẹ̀ kì í fún ènìyàn láàyè púpọ̀. Ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í há nínú férémù lẹ́yìn tí wọ́n fi àjà kún ilé ń sọ pé nǹkan kan ti tẹ̀ tàbí ti rì. Àmì kankan nínú wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì pa mọ́.

Lífítì náà ní ìgbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ògún ọdún 2023, lífítì ilé àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn, Erékùṣù Èkó, já bọ́ pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin dókítà kan nínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Kò yè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ráhùn nípa lífítì náà. Lẹ́yìn ohun tí Ótíìsì ti ṣe, okùn jíjá nìkan kò tó láti mú lífítì já bọ́ dé ilẹ̀. Nítorí náà, níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe nípa okùn. Ó jẹ́ nípa ẹ̀já tó yẹ kó mú irin ìtọ́nà: ọjọ́ wo ni wọ́n dán an wò kẹ́yìn? Ẹ̀já náà ni ẹ̀yà tó lè wà fún ogún ọdún láìṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Eruku lè dí i, ìpẹtà lè dè é, kò sì sí ẹni tó ń gùn ún tí yóò mọ̀. Ohun tí ẹni tó ń gùn ún lè rí ni àwọn àmì àìtọ́jú: àpótí tí kò dúró ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀ àjà, tó ń yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó ti dúró, tó ń mì jìgìjìgì, tàbí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí nígbà tí àpótí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ìkan nínú wọn, àtẹ̀gùn ló yẹ kó gbà.

Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò ní fẹ̀ sí i, òkè nìkan ló kù. Ilé yóò ga níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó bá ń wo róòdù tó yọrí lórí òrùlé rẹ̀ ní iṣẹ́ kan láti ṣe kó tó ra búlọ́ọ̀kù. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan títí yóò fi rí bí ìpìlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kí ó pe ẹnjiníà ilé, kì í ṣe bíríkìlà nìkan, láti dán agbára kọnkéré wò àti láti ka róòdù tó wà nínú òpó ìsàlẹ̀. Kí ó gbé èsì rẹ̀ lọ fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó láti gba ìwé àṣẹ. Bí ẹnjiníà bá sọ pé àjà méjì ni ilé náà wà fún, ọjọ́ tí wọ́n da ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Owó tó dé lónìí kò lè yí i padà láti òkè.